Ìwé ọ̀ràn ìpànìyàn méjì fún ẹni tí kò kánjú

Nínú A Judgement in Stone (1977) tí Ruth Rendell kọ, gbólóhùn àkọ́kọ́ ti sọ ẹni tó pànìyàn, àwọn tó pa, àti ìdí rẹ̀: Eunice Parchman kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Kò sí àlọ́ kankan láti já mọ́. Ohun tí a ń wò ni bí ìtìjú ṣe ń ti obìnrin tó ń tọ́jú ilé yìí dé ìdí ìbọn. Ọ̀gá rẹ̀ á kọ iṣẹ́ sínú bébà pélébé fún un, àyà ìwọ tó ń kàwé á sì já.

In the Woods (2007) ti Tana French gùn jù ú lọ dáadáa. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Rob Ryan fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pòórá nínú igbó kan. Ní báyìí ó ń wádìí ikú ọmọbìnrin kan níbẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ pamọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Adùn ìwé náà wà nínú ìbádọ́rẹ̀ẹ́ Rob àti Cassie Maddox, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ mọ̀ pé ọ̀ràn ọmọbìnrin náà nìkan ló yanjú; ti àtijọ́ kò yanjú rárá. Bí ìyẹn yóò bí ọ nínú, Rendell ni kí o mú.