Wáì-Fáì àlejò: ráútà kan tó ní ti àlejò nínú, àbí ráútà méjì?

Ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí àlejò rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò láìdé orí kọ̀ǹpútà àti fáìlì ilé: kó ra ráútà tó ní Guest Network nínú, tàbí kó so ráútà àtijọ́ kan mọ́ èyí tó ti wà nílé. Ọ̀nà kejì kò náni lówó, ìyẹn ló fi wu ọ̀pọ̀ èèyàn. Òun náà ni wọ́n sábà máa ń tò sódì. Ní ti iyára àti bó ṣe ń dé yàrá, ẹ wo ara páálí.

Ráútà méjì: ta ló wà níta?

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí ráútà kejì jẹ́ ti àlejò. Òdì nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní ráútà àkọ́kọ́, èyí tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, ń jẹ́ 192.168.0.1, lápútọ́ọ̀pù yín sì ń jẹ́ 192.168.0.10 lórí rẹ̀. Ẹ wá fa wáyà láti ibẹ̀ sí ráútà kejì, 192.168.1.1, fóònù àlejò sì gba 192.168.1.50. Nọ́ńbà wọn yàtọ̀, ó wá dà bíi pé ògiri wà láàárín. Ṣùgbọ́n bí fóònù yẹn bá béèrè 192.168.0.10, ráútà rẹ̀ á rí i pé kì í ṣe ará ilé òun, á tì í síta. Ìta tirẹ̀ sì ni inú ilé yín. Ìbéèrè náà á bá lápútọ́ọ̀pù láìsí ẹni tó dá a dúró, á tún máa jẹ́ orúkọ ráútà kejì, tí ẹ ò ní mọ fóònù tó rán an.

Ìdí ni pé ráútà kì í dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń jáde. Ẹni tó ń wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é ló ń dá padà. Nítorí náà, orí ráútà àkọ́kọ́ ni kí àlejò wà, kí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti tẹlifíṣọ̀n bọ́ sábẹ́ ìkejì, bí ẹni fi àlejò sí pálọ̀ tó kó ẹrù ara rẹ̀ sí yàrá.

Ihò tí wọ́n kọ WAN sí lára ráútà kejì, ìyẹn ihò ìta, ni kí wáyà wọ̀. Bó bá wọ ihò LAN, ìyẹn ti inú ilé, gbogbo ilé ti di ọ̀kan padà, ráútà méjèèjì á sì máa du àtipín nọ́ńbà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n bí fóònù bá so mọ́ Wáì-Fáì tán, tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà nísinsìnyí, tí kò sì sí tó bá ṣe díẹ̀. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ 192.168.0.1, ẹ yí ti ráútà kejì sí 192.168.50.1 kí ẹ tó so wọ́n pọ̀.

Kódà bó bá tò dáadáa, ọ̀dọ̀ àlejò ni gbogbo ohun tí ẹ bá ń rán jáde ń gbà kọjá. Kò lè ṣí fáìlì yín, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ lè ka ojúewé tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `http://`. Kámẹ́rà ilé tí ẹ fẹ́ wò láti òde náà á ní ilẹ̀kùn méjì láti ṣí.

Ráútà kan tó ní ti àlejò

Ẹ ṣí ojúewé ráútà, ẹ lọ sí Guest Network, ẹ fún un ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ TP-Link, ẹ má ṣe fi àmì sí "Allow guests to access my local network". Lórí ASUS, ẹ fi "Access Intranet" sí Disable. Ó tán.

Ohun méjì ló lè bà á jẹ́. Bí ẹ bá yí ráútà náà sí Access Point, ìyẹn kó kàn máa fọ́n Wáì-Fáì láìṣe iṣẹ́ ráútà mọ́, lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, Guest Network á pòórá tàbí kó wà lórúkọ nìkan. Ìkejì ni tí ráútà tuntun bá wà lẹ́yìn àpótí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kọ̀ǹpútà kan ṣì ń lo Wáì-Fáì àpótí yẹn: àlejò á tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ìta ráútà tuntun ló wà. Ẹ pa Wáì-Fáì àpótí, kí ẹ sì pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù tó wà lára rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?

Ẹ má gbára lé `ping`, àṣẹ tó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ kan á dáhùn. Windows lè kọ̀ láti dáhùn rẹ̀ kí fódà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ mú lápútọ́ọ̀pù kejì, ẹ tẹ èyí sínú PowerShell, kí ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tó ní fódà sí i; 445 ni ilẹ̀kùn tí Windows fi ń pín fódà:

```
Test-NetConnection 192.168.50.10 -Port 445
```

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é lórí Wáì-Fáì ilé. Bí `TcpTestSucceeded` ò bá sọ `True` níbẹ̀, ìdánwò náà ò wúlò. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sórí ti àlejò, ẹ tún un ṣe: `False` ló gbọ́dọ̀ sọ.

Èwo ni ká rà?

Bí ráútà àtijọ́ bá wà nílẹ̀, tí ẹ sì lè kó gbogbo ẹrù ilé wọ inú, ráútà méjì tó. Ẹni tó bá fẹ́ ná owó, kó ra ẹyọ kan tó ní ti àlejò. Iná tó ń jẹ lórí ínfátà kéré sí ti méjì, wáyà kankan ò sì sí láti gbé síbi tí kò yẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ojúewé rẹ̀ hàn yín. Bí ẹ bá rí orúkọ Wáì-Fáì kejì, tí ẹ ò rí ibi tí wọ́n ti ń dí àlejò lọ́nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, ẹ fi sílẹ̀ fún un.