Ìkìlọ̀: Ìbuwọ́lù tí kò gba gáàsì ni wọ́n fi ń kó owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì lọ

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń gba ẹádrọ́ọ̀pù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó tún tẹ “Claim” níbikíbi. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ 12 wọ́lẹ́ẹ̀tì han ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ wá gbà pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ṣáà ti wà ní ìpamọ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan owó àwọn. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé ohun tí a gbà gbọ́ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn ojú òpó ẹádrọ́ọ̀pù ayédèrú kò fi ní béèrè ọ̀rọ̀ 12 lọ́wọ́ yín. Ìbuwọ́lù ẹyọ kan ni wọ́n ń wá. Ó tó wọn láti gbá gbogbo USDC yín, tókìn tó dúró fún dọ́là, lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹ bá tẹ “Connect Wallet”, àdírẹ́sì yín àti iye tó wà níbẹ̀ ni ojú òpó náà rí, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ àdírẹ́sì náà lè rí ìyẹn tẹ́lẹ̀ lórí Etherscan, ojú òpó tí a ti ń wo ìdúnàádúrà orí Ethereum. Owó kò tíì lè jáde. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ètò kan tí wọ́n kọ sínú ojú òpó náà á ka gbogbo ohun tó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín, á tò ó láti orí èyí tó lówó lórí jù, á sì gbé ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù fún un wá síwájú yín. Nítorí náà, ẹni méjì lè ṣí líǹkì kan náà kí ohun tí wọ́n máa rí má jọra. Ẹni tí wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣófo lè má rí nǹkan kan, á wá máa sọ nínú gúrúùpù Telegram pé òun dán an wò, kò sí wàhálà. Ẹ má gbára lé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹni tó fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín ló kọ ètò náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kíkọ ọ́ àti fífi í yá àwọn mìíràn ni òwò wọn. Inferno Drainer àti Pink Drainer wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù. Nínú ohun tí wọ́n bá jí, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ló sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó kọ ètò, ìyókù á di ti ẹni tó fi ìdẹ mú ẹran wá. Ìdí nìyí tí ojú òpó wọn kì í fi í tán nílẹ̀: bí wọ́n bá ti ọ̀kan pa lówùúrọ̀, òmíràn á ti hù kó tó di alẹ́.

Ẹ wo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníbàárà Uniswap, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ tókìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, Uniswap pín 400 UNI, tókìn tirẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ fún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan tó ti lò ó rí, òótọ́ sì ni. Nítorí náà, kò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu nígbà tí tókìn àjèjì kan wọ inú àdírẹ́sì tó lé ní 70,000 ní oṣù keje ọdún 2022, tí ẹ̀bùn UNI sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi àdírẹ́sì ojú òpó kan ṣe orúkọ tókìn náà, kí ẹni tó bá rí i lè tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí Etherscan, ohun tó máa rí ni pé Uniswap fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Etherscan kò purọ́. Ohun tí kọntíráàtì, ìyẹn ètò tó ń darí tókìn náà, kọ sílẹ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ ló ń gbé jáde, ẹni tó ṣe kọntíráàtì yẹn ló sì kọ orúkọ Uniswap síbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó kọ orúkọ ọba sẹ́yìn lẹ́tà tí kò ti ààfin wá.

Àwọn tó dé ojú òpó náà rí bọ́tìnnì tí wọ́n ní yóò pààrọ̀ tókìn náà sí UNI. Ohun tí bọ́tìnnì yẹn mú wọn buwọ́ lù ni `setApprovalForAll`. Ẹni tó bá kó owó sínú Uniswap V3 máa ń gba NFT kan tó dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé owó rẹ̀, ẹni tí NFT náà bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè gba owó náà jáde. `setApprovalForAll` ń sọ pé àdírẹ́sì kan lè gbé gbogbo NFT mi tó wà lábẹ́ kọntíráàtì yìí, nígbàkígbà. Àwọn olè gbé NFT, wọ́n gba owó jáde, ohun tí wọ́n kó lé ní 7,500 ETH, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 dọ́là lásìkò náà. Àwọn kan kọ́kọ́ kígbe pé wọ́n ti fọ́ Uniswap. Wọn kò fọ́ ọ. Àwọn tó ni owó ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn buwọ́ lù ú. Ẹ kíyè sí i pé tókìn àjèjì yẹn fúnra rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí irú rẹ̀ bá wọlé sọ́dọ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti tà á, ẹ má sì ṣí ojú òpó tó wà lára orúkọ rẹ̀.

Ní báyìí, èyí tó ń mú àwọn èèyàn jù ni Permit, ìyẹn àṣẹ ìnáwó tí a fi ìbuwọ́lù nìkan fúnni, nítorí pé kò jọ ohun tó léwu rárá. Kò gba gáàsì, ìyẹn owó tí à ń san fún ìdúnàádúrà orí bulọkíṣéènì. Wọ́lẹ́ẹ̀tì yóò kàn gbé ojú ewé kan tó ń jẹ́ “Signature request” jáde, ojú òpó náà á sì ní kí ẹ buwọ́ lù ú “láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni wọ́lẹ́ẹ̀tì”. Bí ẹ bá fà á wá sísàlẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

```
Permit
owner:    0x… 
spender:  0x… 
value:    850000000
nonce:    0
deadline: 1893456000
```

`owner` ni ẹ̀yin. `spender` ni ẹni tí ẹ ń fún láṣẹ láti ná owó yín. Àdírẹ́sì olè nìyẹn. `value` ni iye. USDC máa ń ní òǹkà mẹ́fà lẹ́yìn ààmì, nítorí náà ẹ yọ odo mẹ́fà kúrò lẹ́yìn 850000000, yóò ku 850 USDC, tó ṣe déédéé iye tó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì. Nígbà mìíràn ẹ óò rí òǹkà gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 115792. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kò ní òdiwọ̀n. `deadline` jẹ́ iye ìṣẹ́jú-àáyá láti ọjọ́ kìíní ọdún 1970. Èyí tó wà lókè yìí kò ní tán títí di ọjọ́ kìíní ọdún 2030.

Kò gba gáàsì nítorí pé ìwé tí ẹ buwọ́ lù kò lọ sórí bulọkíṣéènì. Ọwọ́ ojú òpó náà ló wà. Olè náà ló máa mú un lọ, òun ló máa san gáàsì, tí yóò ṣe `permit` àti `transferFrom` pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè ṣe é lójú ẹsẹ̀, ó sì lè dúró di ìgbà tí owó bá pọ̀ sí i. Bí ẹ bá lọ wo Etherscan lẹ́yìn náà, kò ní sí nǹkan kan lábẹ́ “Transactions”, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rán an. Abẹ́ “Token Transfers (ERC-20)” ni ẹ ti máa rí i. Ẹni tó bá ń búra pé òun kò fi owó ránṣẹ́ síbì kankan kò purọ́.

Kì í ṣe gbogbo tókìn ló ní Permit. USDT orí Ethereum àti ti BNB Chain kò ní in, nítorí náà “Approve” ni wọ́n máa ń béèrè fún un, èyí sì ń gba gáàsì díẹ̀; MetaMask máa ń pè é ní “Spending cap request”. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fún Permit2, kọntíráàtì tí Uniswap ń lò, láyè lórí USDT yín rí, ìbuwọ́lù tí kò gba gáàsì lè gbé USDT náà lọ. Orúkọ ìwé Permit2 ni `PermitSingle` àti `PermitBatch`; bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn níbi tí ẹ kò ti ń ra tàbí ta nǹkan kan, ẹ tẹ “Reject”.

Báwo la ṣe ń dá ojúlówó mọ̀? Ẹ wo ẹádrọ́ọ̀pù Arbitrum, tí wọ́n fi pín tókìn ARB, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i yóò san gáàsì, yóò pe kọntíráàtì tó ń pín in, ARB yóò sì wọlé. Ó tán. Ohun tó ń wọlé kò nílò àṣẹ lórí ohun tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Bí “Claim” bá dárúkọ USDC, USDT tàbí NFT tí ẹ ní, kì í ṣe ìpín ni ẹ ń gbà. Ohun mìíràn tún ni ọjọ́: ti Arbitrum yẹn parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, síbẹ̀ ẹ ṣì lè bá líǹkì “ẹ wá gba ARB yín” pàdé. Ẹ má sì sọ pé àkáǹtì gidi ló gbé líǹkì jáde. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n jí àkáǹtì X ti ilé-iṣẹ́ MicroStrategy gbà, wọ́n sì fi gbé ẹádrọ́ọ̀pù ayédèrú jáde.

Ẹ ní wọ́lẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún ẹádrọ́ọ̀pù, tó ní ọ̀rọ̀ 12 tirẹ̀, kí ẹ má fi ju owó gáàsì lọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá gba nǹkan, ẹ fi ránṣẹ́ sí èyí tí ẹ ń kó owó pa mọ́ sí, tí ẹ kò so mọ́ ojú òpó kankan rí.

Ẹni tó bá ti buwọ́ lù ú, tí owó ṣì wà níbẹ̀, kó má fi àkókò ṣòfò lórí “Disconnect”. Kò fagi lé nǹkan kan. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé owó náà lọ sí àdírẹ́sì mìíràn, láti orí èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí revoke.cash (ẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́, ẹ má wá a lórí Google), ẹ fagi lé gbogbo àṣẹ tí ẹ kò mọ̀. Ẹ óò nílò ETH tàbí BNB díẹ̀ fún gáàsì. Permit tí olè kò tíì lò kò ní hàn láàárín àwọn àṣẹ tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí gbígbé owó kúrò fi ṣáájú, tí kò sì yẹ kí USDC tún wọ àdírẹ́sì náà mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 12 gan-an lẹ tẹ̀ síbì kan, kò sí ohun tí fífagi lé àṣẹ lè ṣe. Wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn ti di ti olè, ẹ ṣe tuntun.

Bí owó bá ti lọ, ẹ da nọ́ńbà ìdúnàádúrà náà kọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, àti àdírẹ́sì tó gbà á, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e lórí Etherscan. Bí ó bá dé ilé pàṣípààrọ̀ kan, ẹ kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹ̀ka ọlọ́pàá Nàìjíríà tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, NPF-NCCC, nítorí pé ìwé ọlọ́pàá ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó dá owó dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ inbọ́ọ̀sì yín lẹ́yìn èyí pé òun lè bá yín gba owó náà padà, kí ẹ kọ́kọ́ san nǹkan díẹ̀, gbájúẹ̀ kejì nìyẹn.