Wáyà, orí ṣájà, pọ́ọ̀tù àbí bátìrì: kí lẹ fẹ́ lọ rà gan-an?

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wá bá mi ní ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta, ó ti di owó bátìrì mọ́ ìdí ìró. Bó bá ki fóònù rẹ̀ bọ iná lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, kò ní í kún. Nígbà mìíràn á máa ṣáájì, á ṣíwọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un níbì kan pé bátìrì ló kú, pé kó lọ wá owó. Mo ní, "Màmá, ẹ fi owó yín sílẹ̀ ná. Ẹ jókòó." Ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o, ọmọdé ni mo fi ti ọjà."

Iná ní láti gba orí ṣájà, kó gba wáyà, kó gba pọ́ọ̀tù, ìyẹn ojú ihò tí wáyà ń wọ̀ lára fóònù, kó tó dé inú bátìrì. Èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè dá a dúró lọ́nà, àmọ́ owó wọn ò dọ́gba. Wáyà ló pọ́ọ́kú jù, orí ṣájà ló tẹ̀ lé e. Pọ́ọ̀tù àti bátìrì ló ń jẹ owó, torí pé owó iṣẹ́ wà lórí owó ọjà: ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn wọn pa, àfi kéèyàn fi ooru ṣí i. Mi ò kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni ibi ohun tẹ́ ẹ lè yá lọ́wọ́ aládùúgbò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Áàpù kan tó ń jẹ́ Ampere ni mo fi ń wọ̀n ọ́n lórí fóònù Android. Ó máa ń sọ iye iná tó ń wọ bátìrì ní mílíámpù, tó ń kọ sójú báyìí: mA. Nọ́ńbà yẹn á tàn yín jẹ bí ẹ kò bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Kí bátìrì wà láàárín 20% sí 60%, torí pé bó bá ti ń sún mọ́ 80%, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń dín iná kù kí bátìrì má bàa tètè gbó. Àìsàn kọ́ nìyẹn, bó ṣe yẹ kó rí ni. Kó má gbóná pẹ̀lú, torí fóònù tó gbóná kì í gba iná púpọ̀. Ẹ pa dátà, ẹ má wo fídíò lọ́wọ́, nítorí ohun tí fóònù bá ń jẹ kò sí nínú nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí. Kí ẹ wá dúró bí ìṣẹ́jú kan kó tó rọlẹ̀.

Fóònù màmá wà ní 31%. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000 mAh, ìyẹn iye iná tó ń gbà sínú, wọ́n sì kọ OUTPUT: 5V 2A sára orí ṣájà rẹ̀, ìyẹn fólítì 5, ámpù 2. Mo gbé orí ṣájà àti wáyà tèmi tó dá mi lójú jáde, a wá pààrọ̀ wọn ní ọ̀nà mẹ́rin:

| | Wáyà màmá | Wáyà mi |
|---|---|---|
| Orí ṣájà màmá | 380 mA | 1450 mA |
| Orí ṣájà mi | 400 mA | 1520 mA |

Nígbà tí a pààrọ̀ orí ṣájà, nǹkan kan ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Nígbà tí a pààrọ̀ wáyà, iná fò sókè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Wáyà ló jẹ̀bi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kí bátìrì yẹn tó kúrò ní 20% dé 80%, ó nílò 3000 mAh. Bí 1450 bá ń wọlé, nǹkan bíi wákàtí méjì ni. Bó bá jẹ́ 380, ó di bíi wákàtí mẹ́jọ, ìyẹn bí wọn ò bá mú iná lọ láàárín, ẹ̀yin náà sì mọ bí tiwa ṣe rí.

Ká ní ibi tí orí ṣájà ti yí padà ni nọ́ńbà ti fò, orí ṣájà lẹ máa rà. Bó bá jẹ́ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kéré, ẹ má ra wáyà, ẹ má ra orí, inú fóònù ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ló ṣe wáyà màmá? Ó gùn tó mítà méjì, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Bàbà inú irú wáyà bẹ́ẹ̀ tínrín débi pé bí iná ámpù méjì bá fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ó lè gbé ju fólítì kan mì nínú 5 tó jáde láti orí ṣájà. Fóònù á rí i pé fólítì ń já, á sì fọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó ń fẹ́ wáyà gígùn kí wọ́n lè máa tẹ fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì ló sábà máa ń wá sọ fún mi pé ṣájà àwọn "ti rẹ̀ ẹ́".

Nítorí náà, bó bá jẹ́ wáyà lẹ fẹ́ rà, mítà kan ti tó. Pé ó sanra kì í ṣe ẹ̀rí, torí rọ́bà ni wọ́n fi ń ki òmíràn sanra. Ẹ gbé fóònù yín àti wáyà àtijọ́ dání lọ sí ìsọ̀, kẹ́ ẹ fi orí ṣájà kan náà wọn àtijọ́ àti tuntun kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ontàjà bá ní kò síná, pawabáǹkì rẹ̀ tó fún ìyẹn. Bí fóònù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣáájì kíákíá, ohun kan tún kù: fóònù àti orí ṣájà ní láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí fólítì tó kúrò ní 5 lọ sí 9, nínú ọ̀pọ̀ wọn ó sì jẹ́ pé okùn dátà inú wáyà ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. Ẹ fi wáyà náà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ yan File transfer lójú fóònù. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí fóònù yín, okùn dátà ti já tàbí kò sí níbẹ̀ rárá, wáyà yẹn á sì máa ṣáájì wọ́ọ́rọ́wọ́ títí láé.

Ti orí ṣájà kò gùn. Èyí tó ń bàjẹ́ máa ń ṣáájì fún ìgbà díẹ̀, á gbóná, á pa, á tutù, á tún tàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wáyà àti pọ́ọ̀tù ní tiwọn kì í ṣíwọ́ àyàfi bí nǹkan bá mì. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá á pa. Àwọn kan máa ń dá iná tó rọ̀ lẹ́bi, àmọ́ 100-240V ni wọ́n kọ sára orí ṣájà púpọ̀, ojúlówó nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ bí gílóòbù bá tilẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta 33W fún yín nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi. Kò ní ba fóònù tó jẹ́ ti 10W jẹ́, kò sì ní mú un yá.

A padà sọ́dọ̀ màmá. Wáyà mi wà lára fóònù rẹ̀, 1450 ń wọlé, mo bá fi ìka kan ìdí wáyà díẹ̀. Ó pa. Mo gbé e sókè, ó tàn. Wáyà mi sì rèé, tí mo ń lò lójoojúmọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé lára wáyà ni wọ́n fi irin kéékèèké tó ń di pọ́ọ̀tù mú sí, kó lè jẹ́ pé wáyà ló máa kọ́kọ́ gbó. Bó bá jẹ́ wáyà kan ṣoṣo ló ń yẹ̀, wáyà yẹn ti gbó. Bí gbogbo wáyà bá ń yẹ̀, pọ́ọ̀tù ni.

Wáyà mi kò wọlé tán, ó ku bí ìnípọn èékánná. Mo pa fóònù pátápátá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, mo fi igi ìtayín tó gbẹ gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Òwú ló jáde, ó ti dì bíi tìmùtìmù, ó sì dúdú mìnìjọ̀ bí ẹni rẹ ẹ́ sínú aró. Aró náà ni lóòótọ́: àárín ẹrù àdìrẹ ni fóònù ń sùn lójoojúmọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ki wáyà bọ̀ ọ́, ńṣe ló ń fi í tẹ òwú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gbá a tán, wáyà wọlé, ó ró pọ́. Mo mì í sọ́tùn-ún sósì, kò pa. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì ṣe é o, ahọ́n tó wà láàárín pọ́ọ̀tù Type-C rọrùn láti ṣẹ́.

Bẹ́ ẹ bá gbá a mọ́ tó ṣì ń yẹ̀, tàbí tí ẹ rí i pé irin inú rẹ̀ ti dúdú tàbí ó ti yọ àwọ̀ ewé, pọ́ọ̀tù tuntun lẹ máa rà. Kẹ́ ẹ tó fohùn ṣọ̀kan lórí iye, ẹ béèrè bóyá orí pátákó iná kékeré ìsàlẹ̀ inú fóònù ni pọ́ọ̀tù yín wà tàbí orí pátákó iná ńlá. Ti àkọ́kọ́, odindi ni wọ́n ń yọ tí wọ́n ń fi tuntun sí, kò le. Èkejì gba kí wọ́n jó irin rẹ̀ kúrò kí wọ́n tún jó tuntun mọ́ ọn, kò sì yẹ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣe é.

Ó ku bátìrì. Ká ní nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ wọ̀n ló kéré, tí pọ́ọ̀tù sì mọ́, ẹ wo fólítì tí Ampere ń kọ nígbà tí fóònù ń ṣáájì ní nǹkan bí 30% sí 40%. Bátìrì tó gbó máa ń tètè sáré gun òkè: ẹ ó rí i tó ti kọjá 4.2 níbẹ̀, fóònù á rò pé ó ti ń kún, á sì dín iná kù. Nọ́ńbà % rẹ̀ á tún máa fò láti 40% bọ́ sí 12%, tàbí kó kú ní 20%. Àmọ́ bí fólítì bá wà ní 3.7 tàbí 3.8 tí mA sì kéré, ebi ń pa bátìrì, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pọ́ọ̀tù tàbí pátákó lẹ máa tún ṣe. Bí ẹ̀yìn fóònù bá ti wú tàbí gíláàsì ń gbé sókè, ẹ má wọn ohunkóhun mọ́, ẹ má ṣáájì rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n yọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ti màmá ka 3.84 ní 36%. Ó ra wáyà oní mítà kan, ó di owó bátìrì padà mọ́ ìdí ìró, ó sì ní kí n bá òun fi bébà wé òwú aláró yẹn, kí òun lọ fi han ọmọ tó ń ju fóònù sáàárín ẹrù.