Olùkọ́ orin tó bá mi tún bíríìjì ṣe lórí Wásáàpù: ohun tí mo rí

Mo san ₦15,000 fún olùkọ́ kan tó máa ń bá èèyàn tún orin ṣe. Orin ẹgbẹ́ akọrin wa ni mo fi ránṣẹ́ sí i. Kíì G ló wà, ègbè rẹ̀ sì ni "Ó gbé mi dìde, Ó dá mi lọ́lá". Ó ní bíríìjì o, ìyẹn apá tó ń ṣíwájú ègbè ìkẹyìn, àmọ́ tí ègbè ìkẹyìn bá wọlé, bí ti àkọ́kọ́ náà ló ń dún létí.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé kọ́ọ̀dù G tí ègbè fi ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ bíríìjì pẹ̀lú. Ẹni tí kò kúrò nílé, a kì í kí i káàbọ̀. Ó ní ká má fọwọ́ kan G rárá títí bíríìjì á fi tán. A wá lo Am, Em, C àti D, kíkà mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí D yẹn, onílù dákẹ́, bésì nìkan ló ń dún. Ìgbà tí G padà dé, kódà àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta gbọ́ ọ.

Èmi ti fẹ́ ká gbé ègbè ìkẹyìn lọ sí kíì A. Ó dán an wò: ó fi kọ́ọ̀dù E ṣíwájú, torí G# inú rẹ̀ ló di tì fún A. Ó dùn, àmọ́ ohùn tó ga jù nínú ègbè, tó jẹ́ D, ti di E. Akọrin á dé e, ìjọ á máa pariwo. A fi kíì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orin ló wá fi gbé e. Gbogbo ẹsẹ ń sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run, kò sí ibi tí a ti bá Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí bíríìjì yíjú sí I: "Ìwọ ni mo wá bá." Wá àti bá ń gòkè, ohùn orin sì ń bá wọn gòkè lọ sí D. Lẹ́yìn náà, ègbè ìkẹyìn á di "O gbé mi dìde".

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí nìyí. Kò yí ohùn orin padà. Sòl sòl ni "Ó gbé", àmì òkè méjì. Tí a bá kọ "O gbé" bẹ́ẹ̀, "Ó" làwọn èèyàn á ṣì gbọ́, bíríìjì á sì ti ṣiṣẹ́ lásán. Èmi ni mo sọ ọ́ di mì sòl. Mì wà nínú kọ́ọ̀dù G, kò pa dùùrù lára.

Òye kọ́ọ̀dù rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ fúnra yín yẹ àmì ohùn wò. Bákan náà, ìwé alámì onílà márùn-ún ló máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ tètè sọ fún un tó bá jẹ́ dò-rè-mì lẹ ń kà, torí ó gba ₦3,000 mìíràn lọ́wọ́ mi kó tó yí i padà.