Àgbéyẹ̀wò Direct Unsubsidized Loan: oṣù mẹ́fà ìsinmi, èlé ò sinmi

Nínú ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí ló rọrùn jù láti rí gbà, torí wọn kì í wo bóyá òbí lówó tàbí kò ní. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lè gbà á. Ẹni tó wà lórí físà F-1 kò lè gbà á. Wọn ò ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n sísan nìkan ló ń sinmi. Láti ọjọ́ tí owó ti wọ ilé-ìwé ni èlé ti ń gun.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó yá $5,500 ní 2024, nígbà tí èlé jẹ́ 6.53% lọ́dún. Wọ́n kọ́kọ́ yọ owó iṣẹ́ 1.057%, nítorí náà nǹkan bí $5,442 ló dé ilé-ìwé, àmọ́ $5,500 ni gbèsè. Èlé rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ sẹ́ǹtì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ká ní gbogbo owó náà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀kọ́ àti ìsinmi sì jẹ́ ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta, èlé á ti tó $1,526. Nǹkan bí $180 nínú rẹ̀ ló wọlé ní oṣù mẹ́fà ìsinmi yẹn. Gbèsè ti di $7,026 kí ó tó san owó kankan.

Ibi tí a ti gbóríyìn fún un nìyí: láti July 2023, ìjọba kì í da èlé yìí pọ̀ mọ́ ojú owó mọ́ nígbà tí sísan bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Orí $5,500 ni èlé ṣì ń gùn. Ká ní wọ́n dà á pọ̀ ni, èlé ojúmọ́ ì bá di $1.26. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó báńkì aládàáni ṣì ń dà á pọ̀, nítorí náà ẹ ka ìwé àdéhùn wọn dáadáa.

Síbẹ̀, èlé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ nínú owó tí ẹ bá san. Bí ọmọ yìí bá ń san $80 lóṣù, nǹkan bí $30 ni èlé tuntun yóò gbà, $50 á lọ sórí èlé àtijọ́. Nǹkan bí ọgbọ̀n oṣù ni ojú owó kò fi ní yẹ̀ kúrò ní $5,500. Àwọn tó bá rí i lójú ẹ̀rọ máa ń rò pé wọ́n ń jí owó àwọn. Kì í ṣe olè. Ẹ wo ìlà èlé tí a kò tíì san, òun ló ń dín kù. Ẹni tó bá san $180 yẹn kí ìsinmi tó parí ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú ọgbọ̀n náà, wọn ò sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè san.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìsinmi yìí wà. Ẹni tó padà sí ilé-ìwé kí oṣù mẹ́fà tó pé, tó ń ṣe ó kéré tán ìdajì ẹ̀kọ́, ṣì ní in lọ́wọ́ pátá. Ẹni tó padà lẹ́yìn rẹ̀ yóò rí ìdádúró mìíràn gbà, àmọ́ nígbà tí ìyẹn bá parí, èlé tí kò tíì san yóò wọnú ojú owó.