Sọ́ọ̀tì àbí fíríbésì nínú jùúsì féépù: kí lẹ fẹ́ rà gan-an, kí ló dé tí ọ̀kan ń ta ọ̀fun tí èkejì ò ta?

Lálẹ́ Sátidé kan ni àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé Gwarimpa pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀, ara mi ò dáa rárá." Mo wakọ̀ láti Kúbwá dé ibẹ̀, mo bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, òógùn bò ó bí ẹni tó ń sá eré, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní ilé ń yí òun po. Féépù ẹ̀ ńlá yẹn, sìgá oníbátìrì tó máa ń rú èéfín bíi pé wọ́n ń dáná sungbó, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní tirẹ̀. Mo gbé ìgò jùúsì, omi tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀, wò: sọ́ọ̀tì, nikotíìnì 50 mílígíráàmù nínú mìlílítà kan. Mo ní ta ló tà á fún ẹ, ó ní ọmọ kan ní Wúsè ni, ọmọ náà sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, eléyìí kàn lágbára díẹ̀ ni. Ọ̀kan náà kẹ̀!

Òótọ́ ni pé nikotíìnì inú tábà kan náà ló wà nínú sọ́ọ̀tì àti fíríbésì o. Àmọ́ ẹ rántí àwọn ìyá àgbà wa tó ń fi aáṣáà sẹ́nu. Wọn kì í lọ tábà lásán, wọ́n máa ń lọ ọ́ mọ́ kán-ún, èyí táwọn Haúsá níbí ń pè ní kanwa. Kán-ún yẹn kì í ṣe fún adùn, òun ló ń tú nikotíìnì sílẹ̀ kó lè gba inú ẹran ẹnu wọlé, ìdí nìyẹn tí aáṣáà tí kán-ún ẹ̀ pọ̀ fi máa ń ta èèyàn lẹ́nu bí ata. Fíríbésì náà nìyẹn. Nikotíìnì tó wà ní títú sílẹ̀ ni, kò sí ásíìdì kankan tó dì í mú, pH jùúsì ẹ̀, òǹkà tó máa ń wálẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, sì máa ń wà ní ìhà kán-ún, bíi 8 sí 9. Tẹ́ ẹ bá fà á, apá kan á yára fò kúrò nínú ẹ̀kán kéékèèké èéfín yẹn, á di afẹ́fẹ́, á lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu àti ọ̀fun kó tó dé ìsàlẹ̀. Títa tẹ́ ẹ ń gbọ́ lọ́fun nìyẹn. Ní 3 tàbí 6 mílígíráàmù nínú mìlílítà kan ó máa ń dùn mọ́ àwọn kan, ní 18 ẹ ó wúkọ́, ẹni tó bá sì ní òun ń fa fíríbésì 50, ẹ ní kó fà á níwájú yín kẹ́ ẹ wò ó.

Sọ́ọ̀tì, ásíìdì ni wọ́n fi kún un. Bẹnsóìkì ásíìdì ló wọ́pọ̀ jù, àwọn kan máa ń lo láátíìkì, ásíìdì tó ń mú nọ́nò kan yẹn gan-an. Ásíìdì á di nikotíìnì mú, pH á wálẹ̀ sí bíi 5 sí 6, kò ní lè fò bẹ́ẹ̀ mọ́, á jókòó sínú ẹ̀kán èéfín ẹ̀ jẹ́jẹ́, á kọjá ọ̀fun láì dún. Ohun tí féépù Juul lò nìyẹn nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015, tí kiní kékeré bí fíláàṣì wá ń tẹ́ àwọn tó ti ń mu sìgá lọ́rùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í sọ rèé o. Wọ́n á ní sọ́ọ̀tì ń yára wọ ara nítorí pé sọ́ọ̀tì ni. Rárá, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kó gba inú awọ ara kọjá, èyí tó wà ní títú sílẹ̀ ló mọ ọ̀nà jù, aáṣáà ìyá àgbà ti jẹ́rìí sí i. Ohun tó ń mú sọ́ọ̀tì yá ni ibi tó ń balẹ̀ sí. Nítorí kò ta, ẹ ó fà á dé inú ẹ̀dọ̀fóró, omi ara tó wà níbẹ̀ ò kan bíi tiẹ̀, á bọ́ ásíìdì yẹn kúrò lára ẹ̀, bíi ìdá kan nínú márùn-ún á di títú sílẹ̀, ìyẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀, òmíràn á tún di títú sílẹ̀ rọ́pò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì súnmọ́ tòsí níbẹ̀, kó tó pé ìṣẹ́jú kan ó ti dórí. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ní ti fíríbésì á wọlé náà, àmọ́ ìrìn ìjàpá ni. Sìgá ńlá tí àwọn ọ̀gá máa ń mu níbi ìnáwó, tí wọn kì í gbé èéfín ẹ̀ mì, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹnu ló ń gbà wọlé, torí èéfín tiẹ̀ wà ní ìhà kán-ún.

Ẹ wá wo ti àbúrò wa. Ká ní pọ́ọ̀dù, ìyẹn féépù kékeré, oníwáàtì 12 máa ń lo bíi 0.005 mìlílítà ní fífà kan, 50 lọ́nà ẹ̀ jẹ́ 0.25 mílígíráàmù. Ẹ̀rọ ńlá tiẹ̀, tí kọ́ìlì ẹ̀, wáyà tó ń gbóná nínú ẹ̀, jẹ́ 0.2 óòmù, wáàtì 60, lè lo bíi 0.03, ìyẹn jẹ́ 1.5 mílígíráàmù ní fífà kan ṣoṣo! Odidi sìgá kan ò sì ju bíi 1 sí 1.5 lọ tó ń gbé wọ ara. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ ó ní òun fà á bí ìgbà mẹ́jọ kí ojú òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Tó bá jẹ́ fíríbésì ni, ọ̀fun ì bá ti pariwo ní ìgbà àkọ́kọ́. Jùúsì 3 tó tọ́ sí ẹ̀rọ yẹn, 0.09 péré ni.

Nítorí náà ẹ̀rọ lẹ máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìgò. Ẹ̀rọ ńlá, kọ́ìlì tí kò tó 0.5 óòmù: fíríbésì 3, ó pọ̀ jù 6, má tiẹ̀ wo ibi tí sọ́ọ̀tì wà. Pọ́ọ̀dù kékeré, kọ́ìlì 0.8 sókè: ẹni tó ń mu páálí sìgá kan lójúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sọ́ọ̀tì 20, tí kò bá tó kó lọ sí 35. Ẹni tó sọ pé títa ọ̀fun gan-an lòun fẹ́, kó ra fíríbésì 12 sínú pọ́ọ̀dù yẹn kan náà. Ẹni tí kì í mu sìgá tẹ́lẹ̀, má ra ìkankan, méjèèjì ló ń di bárakú, sọ́ọ̀tì ló sì yá jù níbẹ̀.

Ẹ ka ara ìgò. 2% dúró fún 20, 5% fún bíi 50. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Ìlú Ọba kò gbọdọ̀ ju 20 lọ lófin wọn. Tí wọ́n bá ta sọ́ọ̀tì fún yín tó ń ta ọ̀fun bí ata gígún, ó lè jẹ́ pé irọ́ ló wà lára ìgò, tàbí kọ́ìlì ti jóná, tàbí pé jùúsì ti pẹ́ nínú ooru, torí nikotíìnì máa ń pọ́n bíi tíì tí ooru àti afẹ́fẹ́ bá ti bà á jẹ́. Oòrùn Àbújá nínú oṣù March, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ sì má fi sílẹ̀ níbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó: ìgò 30 mìlílítà ti 50 yẹn, 1500 mílígíráàmù ló wà nínú ẹ̀, májèlé ni.

Tẹ́ ẹ bá ń dán sọ́ọ̀tì wò níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì kékeré, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má dúró de ọ̀fun torí ọ̀fun ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Ìgò 50 ti àbúrò wa ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ń bèèrè owó ẹ̀.