Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú páànù nọ́nsìtíkì: iná mi ló pọ̀ jù

Ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ni mo ti ra páànù yìí. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24, ìdí rẹ̀ sì nípọn díẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ẹyin tí mo bá dín, abẹ́ rẹ̀ á ti jó, etí rẹ̀ á gan paali, síbẹ̀ funfun tó yí pupa rẹ̀ ká á ṣì máa ṣàn lókè.

Àṣé èmi ni mo ń ṣe é bí agbada irin ìyá mi, tí a máa ń yá lórí iná títí òróró á fi rú èéfín kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹyin kì í lẹ̀ mọ́ nọ́nsìtíkì, ìbáà má gbóná púpọ̀. Funfun ẹyin sì ti ń dì láti nǹkan bí 62°C. Bí páànù bá ti kọjá 200°C, abẹ́ ti jó kí ooru tó gòkè.

Ní báyìí, mo máa ń yí gáàsì sí ìdajì, kí ọwọ́ iná má yọ kọjá ìdí páànù. Mo ń da ṣíbí tíì kan òróró sí i kí n tó tanná. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì, mo ń ju ègé àlùbọ́sà kan sí i. Bó bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti tó. Bó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, mo ń gbé páànù kúrò lórí iná fúngbà díẹ̀. Mo fọ́ ẹyin sí i, mo dúró ìṣẹ́jú kan, mo kán omi ṣíbí tíì kan sí ẹ̀gbẹ́, mo sì dé e fún ìṣẹ́jú kan sí i. Ooru omi náà ló ń se òkè. Ẹni tó bá fẹ́ kí pupa rẹ̀ dì, kó fi ìṣẹ́jú kún un, kì í ṣe iná.

Ti ọ́múlẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yin mẹ́ta, omi tòmátì ni ọ̀tá. Mo ń kọ́kọ́ dín tòmátì, ata rodo àti àlùbọ́sà títí omi wọn á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo ń da ẹyin lé e, tí mo sì ń fi ṣíbí onígi fa etí rẹ̀ wá sáàárín. Bí òkè rẹ̀ ò bá ṣàn mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì ń dán, mo pa iná, mo ṣẹ́ ẹ po. Ooru páànù á parí ìyókù.

Ẹ má ṣe fi òfìfo rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná ńlá o. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè dé 260°C, ibẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n fi kun inú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Èéfín rẹ̀ a máa pa ẹyẹ, kí ẹni tó ń sin ayékòótọ́ gbọ́. Mo lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú kan wà láàárín tí ẹyin ń lẹ̀ mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí n yọ ọ̀kan: oṣooṣù ni mò ń dè é.